Ìdọ̀bálẹ̀ Kì Í Ṣe Òǹgbẹ

Àwọn tó ń ta òdòdó inú ìkòkò lẹ́bàá títì máa ń fi páálí pélébé kan há ara lílì àlàáfíà. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí ayélujára náà ní tiwọn: ẹ má wulẹ̀ ka ọjọ́ kankan, ẹ dúró títí yóò fi dọ̀bálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Àwa kò gba ti èkíní, a kò sì gba ti èkejì. Ti èkejì ló bí wa nínú jù, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì pa òdòdó kan lójú wa ní Zion Pepe.

Ẹni tó bá ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá báńkì tàbí gbàgede hòtẹ́ẹ̀lì rí á ti pàdé òdòdó yìí. Ewé rẹ̀ dúdú minimini, ọrùn ewé náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun funfun tó ń yọ láàárín rẹ̀ dà bí àsíá kékeré tó ká mọ́ ọ̀pá kan. Lílì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lílì rárá, ẹbí kókò ni. Ewé lásán ni ohun funfun yẹn, àwọn òdòdó rẹ̀ tòótọ́ ni kókó wẹ́wẹ́ tó bo ọ̀pá àárín. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ẹbí kókò ni, kó má fi ewé rẹ̀ kan ahọ́n o, ọ̀fun rẹ̀ á fi yé e. Inú igbó olójò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, bí irú Kòlóńbíà, ni wọ́n ti mú un wá. Abẹ́ òjìji igi ńláńlá ló ń gbé níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kì í sábà gbẹ.

Ibi tó ti wá yìí ló fà á tó fi máa ń ṣubú bí ẹni tí wọ́n yọ egungun rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tó bá ti ibi ọ̀gbẹlẹ̀ wá a máa tọ́jú omi. Ẹ wo ọ̀já ìkookò tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ewé rẹ̀ ki, ó le, ẹ lè gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan. Lílì àlàáfíà kò ní ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó fẹ́lẹ́, kò sì sí igi nínú ọrùn ewé náà. Omi nìkan ló gbé e dúró. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé táyà dúró ni omi ṣe kún inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó sì ń ti ògiri rẹ̀ láti inú. Tí omi tó ń gba ojú ewé jáde bá ti ju èyí tí gbòǹgbò ń fà wọlé lọ, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í jò nìyẹn. Lọ́jọ́ tí yóò balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń balẹ̀ pọ̀, ewé á tò yí ẹnu ìkòkò ká bí ìró tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú: omi tó ń jáde ju èyí tí gbòǹgbò ń fà wọlé lọ. A kò sọ pé omi kò sí nínú ilẹ̀. A sọ pé gbòǹgbò kò rí i fà. Inú àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni gbogbo ìjà wa wà.

Ọmọ kíláàsì wa kan jẹ́ ọmọ Zion Pepe, ní etí omi Ìlàjẹ. Oṣù Kejìlá tó kọjá, mẹ́ta nínú wa bá a lọ sílé. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá, a dé ilé wọn tó dúró lórí òpó, pẹ̀lú pákó tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà àti omi tó ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò lílì àlàáfíà méjì wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ wa ló gbé wọn wá nígbà tí wọ́n sìnkú ọkọ wọn, nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní òdòdó nínú ilé yẹn. “Ti Bàbá” ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìkòkò ti òde ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá kò fi í ṣeré o. Wọ́n ní ẹnìkan fi fídíò hàn wọ́n lórí fóònù pé tó bá ti ṣubú, kí wọ́n bomi sí i, yóò dìde. Ó ṣubú, wọ́n bu omi odò sí i. Kò dìde. Wọ́n ní bóyá omi náà kéré, wọ́n bu sí i lálẹ́. Ó di pé ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa rọra ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká dá omi yẹn dúró ná,” ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ fi òwe dá a lóhùn: a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ fọjú.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyí, a kì í bá àgbà jiyàn lórí òwe. A kúnlẹ̀, a ní ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ jiyàn rẹ̀ níbí. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, odò tó ṣeé mu ló ní lọ́kàn. Ní etí òkun Ìlàjẹ, nígbà tí òjò bá ti dá, omi dídùn tó ń ti òkè wá á dín kù, omi òkun á sì rìn wọnú odò kékeré. Ẹ tọ́ ọ wò lóṣù Kejìlá, ẹ ó gbọ́ iyọ̀. Ìyá gan-an kì í fi omi yẹn se ẹ̀bà. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú dúrọ́ọ̀mù láti orí páànù ni wọ́n ń fi dáná. Òdòdó nìkan ni wọ́n rò pé kò ní mọ̀.

Ó mọ̀. Gbogbo wa la ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá wọ́n iyọ̀ sára ìgbín: omi ara rẹ̀ ni iyọ̀ ń fà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ inú ilẹ̀ ń ṣe fún gbòǹgbò. Omi kún ìkòkò, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti di omi náà mú, gbòǹgbò kò lágbára láti já a gbà. Òǹgbẹ a máa pa òdòdó náà bó ti ń mùwẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé òdòdó kì í mu iyọ̀ tán. Omi á fò lọ, iyọ̀ á kù sílẹ̀, ife tó tẹ̀ lé e á fi kún un. Bí Ìyá ṣe ń bomi sí i tó ni ìlẹ̀ ìkòkò náà ń le sí i fún òdòdó.

A yọ òdòdó náà kúrò nínú ìkòkò rẹ̀. Ẹrẹ̀ etí odò ni wọ́n fi gbìn ín, ó sì lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun, kó sì le díẹ̀, ti di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí a fi ìka fà á, awọ rẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó ku okùn tín-ín-rín kan láàárín. Ó ń rùn bí àbàtà. Gbòǹgbò náà ń mí, ó nílò afẹ́fẹ́ láàárín erùpẹ̀. Omi tó dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́ ti lé afẹ́fẹ́ jáde, gbòǹgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́, bí omi tilẹ̀ dùn bí oyin. Nítorí náà ewé dọ̀bálẹ̀, Ìyá rí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n tún bomi sí i. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn kò sọ fún wọn pé ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ àti ẹni tó ń rì sómi, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣubú.

Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣubú bákan náà tí ẹ bá fara balẹ̀ wò wọ́n. Èdè wa gan-an ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kí fídíò tó dé. Ewé a máa rọ, a máa rẹ̀, gbòǹgbò a sì máa rà. (Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín òjò tó rọ̀ àti ewé tó rọ. A kò mọ ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kí i.) Ewé tó rọ nítorí òǹgbẹ nìkan ṣì ń tutù. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ó kàn rọ̀ jọwọrọ ni. Ewé ìta tó ti dàgbà ló ń kọ́kọ́ tẹ̀, ti àárín á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á sì balẹ̀ yípo láìsí ẹ̀gbẹ́ kan tó yàtọ̀. Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́ bí ìgbá òfìfo. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, gbígbẹ ni.

Ti gbòǹgbò tó ń rà yàtọ̀. Ìkòkò wúwo, erùpẹ̀ tutù, síbẹ̀ ewé wà nílẹ̀. Ewé a máa pọ́n láti ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ a sì rọ̀ níbi tó ti kan erùpẹ̀, ẹ lè fà á yọ láìlo agbára. Ti iyọ̀ ní tirẹ̀, ṣóńṣó ewé àti etí rẹ̀ ló ń jó, á di àwọ̀ kọfí bí ẹni pé iná rà á, ẹ ó sì rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ ẹnu ìkòkò. Ti Ìyá ní méjèèjì.

Ìdọ̀bálẹ̀ kan tún wà tí kò nílò ohunkóhun. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá yọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewé lè tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, torí pé omi ń yára jáde ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún gbérí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sáré bomi sí i lọ́sàn-án á rò pé òun ló wo òdòdó sàn. Kí ó gbé ìkòkò náà kúrò lójú oòrùn ni.

Ìkòkò kejì wà nínú pálọ̀, omi odò kò kàn án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ díẹ̀ ti jó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ṣì funfun. Lórí rẹ̀ la ti ṣe ohun tí a rò pé ó yẹ kí ìdọ̀bálẹ̀ wúlò fún. Ọ̀nà tí wọ́n sábà fi ń yọ iyọ̀ ni pé kí wọ́n rọra da omi tó dára gba inú ìkòkò kọjá, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ìkòkò náà lè gbà. Ìkòkò yìí gba bí lítà 4. Ta ni yóò da lítà 12 omi òjò nù lóṣù Kejìlá ní Zion Pepe? Àwa kọ́, kò sì sí ẹni tó lójú láti bẹ Ìyá. Erùpẹ̀ la pààrọ̀. A ra àpò erùpẹ̀ òkè kan ní Igbókòdá, a fi ìdá kan èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ pò mọ́ ìdá méjì erùpẹ̀ kí omi lè máa jò. Èèpo tó ti wà níta láti ìgbà òjò la ṣà, torí pé èèpo àgbọn etí òkun máa ń ní iyọ̀ nínú, òjò sì ti fọ èyí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi èèpo àgbọn gbin nǹkan kò ka èyí sí.

Lẹ́yìn náà a rẹ ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi òjò títí erùpẹ̀ fi tutù délẹ̀, a gbé e sókè kó ro, a sì fi kọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja. Kílò 3 ni. A gbé e sí òjìji, a kò sì fún un ní omi mọ́. Ọjọ́ kẹrin, kílò 2.4. Gbogbo ewé ṣì dúró, ṣùgbọ́n dídán ojú wọn ti dín kù, ṣóńṣó àwọn ti ìta sì ti ń wo ilẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún nírọ̀lẹ́, ewé ìta méjì tẹ̀ láti ọrùn. Ọjọ́ kẹfà láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, kílò 2.1. Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, a bẹ̀ wọ́n. A rọra da bíi lítà kan omi òjò sí i títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò nísàlẹ̀. Agogo mẹ́jọ ni. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ewé àárín ti dìde. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo wọn ti dúró.

Ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ kan yẹn kọ́ wa rèé: nínú ìkòkò yìí, nínú erùpẹ̀ yìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, nígbà ọyẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́fà ni ìdọ̀bálẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ omi, nígbà tí ìkòkò bá ti fúyẹ́ tí ojú ewé sì ti ń pàdánù dídán rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń wọn ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a má baà tún rí i mọ́.

Àwọn tó ní kí á dúró dè é nígbà gbogbo yóò sọ pé ó kúkú ń dìde. Ó ń dìde lóòótọ́, ẹ̀yin náà ń dìde lẹ́yìn ibà. Àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín, tí wọ́n ń fa omi gan-an, ló ń kọ́kọ́ gbẹ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Òdòdó náà gbọ́dọ̀ hu òmíràn kó tó lè mu omi dáadáa. Ewé àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́yìn ìṣubú mélòó kan, ṣóńṣó á jó, àsíá funfun á sì ṣọ̀wọ́n. Gbòǹgbò tí ọ̀gbẹ ti ṣe léṣe ló sì rọrùn jù fún ìrà láti mú nígbà tí omi púpọ̀ bá dé lójijì. Ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù yìí, àwa ń pè é ní ìyà.

Ẹni tó kọ “ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀” sára páálí ńkọ́? Ká ní Ìyá tẹ̀ lé e nígbà ọyẹ́, ọjọ́ keje ni omi ì bá dé, lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé e lóṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí ojú ọjọ́ sì tutù, ilẹ̀ kò tíì gbẹ tí omi mìíràn á fi dé bá a. Ìkòkò ṣíṣu amọ̀ máa ń gbẹ yára ju ti rọ́bà lọ, èyí tí òdòdó ti kún máa ń gbẹ yára ju èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kéré. Ọjọ́ méje kò mọ ìkankan nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ páálí tó wúlò, kó kọ pé: ẹ gbé ìkòkò yìí wò kí ẹ tó bomi.

Ọ̀rọ̀ omi sì kọjá ti òdòdó ní ilé yẹn. Ife méjì lójúmọ́ ń lọ sí bíi lítà 4 lọ́sẹ̀. Lítà kan lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin kò pé lítà 2 lọ́sẹ̀, a sì lè mú un láti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dáná láìsí ìjà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ wa ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ṣe é. A ní ó dára, bí wọn kò bá ti fi iyọ̀ sí i.

Kí a tó kúrò, a bẹ Ìyá pé kí wọ́n gbé ìkòkò náà sábẹ́ òrùlé tó ń jò nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí òjò lè fọ ìyókù iyọ̀ inú rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ o, èyí tó ń fọ eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun gbé sórí páànù. Òjò kẹta tàbí ìkẹrin. Wọ́n ṣe é lóṣù Kẹrin. Lóṣù Kẹfà, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wa pé ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá, ìkòkò ṣì wúwo, ṣé kí àwọn dúró? Ó ní kí wọ́n dúró. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó bomi sí i.

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọjọ́ omi sára pákó ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́ja jẹ wọ́n lówó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣì ń bu omi odò sí i pẹ̀lú agolo mílíìkì tí kò bá sẹ́ni nílé, torí pé ó fẹ́ràn Bàbá. Wọ́n ti gbé ìkòkò náà lọ sórí àga gíga.